Ìwé Tí Ìbítáyọ̀ Fọwọ́ Sí

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹta, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Desmond wọ inú láàbù ilé ìwòsàn tí Ìbítáyọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní Òkìtìpupa, ó sì jókòó sórí àga onígi tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn láìsọ ohun tó bá wá. Àwọn tó wá gba èsì ń wọlé, wọ́n ń jáde, kò sì bá ẹnikẹ́ni du ipò. Nígbà tí yàrá dá tán ló tó dìde, ó pa ilẹ̀kùn dé pẹ̀lẹ́, ó sì yọ ìwé mẹ́ta jáde láti inú àpò tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe. Ó tẹ́ wọn sórí tábìlì bí ẹni ń tẹ́ aṣọ.

Ìbítáyọ̀ mọ̀ ọ́n. Ará Àkótógbo ni, ó ní ẹ̀rọ ìfúnpo méjì níbẹ̀, epo rẹ̀ sì máa ń dé ọjà Òkìtìpupa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìbítáyọ̀ mọ Susan ìyàwó rẹ̀ dáadáa jù ú lọ. Ọmọ Ìlàjẹ ni Susan, láti ìsàlẹ̀ Igbókòdá, ẹja gbígbẹ ló ń tà, ilé ìwòsàn yìí náà ló sì ti gba ìtọ́jú nígbà tó lóyún Goodness, ọmọ wọn, tó ti di ọmọ ọdún mẹ́ta báyìí.

Èsì jẹ́nótáìpù ni àwọn ìwé náà. Desmond, AS. Susan, AA. Goodness, SS. Ilé ìwòsàn mìíràn ló ṣe ti ọmọ náà, nígbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tó sì ń ké tọ̀sán-tòru.

Desmond ní òun kò wá bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí òun ń fẹ́ ni pé kí wọ́n tún ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe, kí ó má baà jẹ́ àṣìṣe. Ìbítáyọ̀ gbà. Ní ọjọ́ kejì, Desmond kó ìyàwó àti ọmọ wá, Ìbítáyọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó jáde kò yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ Susan kò ní S rárá. Ẹ̀jẹ̀ Goodness kò ní A rárá.

Nígbà tí Desmond padà wá gba èsì, ó ka àwọn lẹ́tà náà sókè jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ló béèrè ìbéèrè tó ti gbé wá láti ilé.

“Àǹtí, AA àti AS, ṣé wọ́n lè bí SS?”

“Rárá,” ni Ìbítáyọ̀ wí. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ nìyẹn, ohun tí òun náà sì ti sọ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún àfẹ́sọ́nà nìyẹn.

“Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ìbítáyọ̀ wò ó lójú. Ojú náà kò bínú. Ó rọ̀, ó dákẹ́, bí omi odò tí ìjì kò tíì dé. Ìbítáyọ̀ mọ̀ pé ohun kan wà lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ yìí, ó sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè ohun tí ó fẹ́ fi ìwé náà ṣe. Kò béèrè. Ó fa bébà ilé ìwòsàn yọ, ó kọ ọ́ ní ìlà méjì pé òbí tó jẹ́ AA àti òbí tó jẹ́ AS kò lè bí ọmọ SS, ó fọwọ́ sí i, ó sì tẹ òǹtẹ̀ lé e. Desmond dúpẹ́, ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi sí àpò àyà.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni Ìbítáyọ̀ nígbà náà. Igbotako ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ ń dáko ẹ̀gẹ́, ìyá rẹ̀ ń yan gààrí, òun nìkan nínú ọmọ márùn-ún ló lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga. Ọdún kọkàndínlógún rẹ̀ nìyẹn nídìí iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Tíṣà ni ọkọ rẹ̀ ní Ìlútitun, òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń ríra. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í dunni, àwọn dókítà sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í fi èsì falẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn ún ni ìdánwò ńlá ti ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àyẹ̀wò, èyí tí ó ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún ti forúkọ sílẹ̀ fún un lọ́dún yẹn. Ìwé ìbéèrè àtijọ́ kún inú àpò rẹ̀, bí iṣẹ́ bá ti dẹ̀ díẹ̀ ni yóò fà wọ́n yọ.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí Desmond gba ìwé, Susan wá. Ó dá wá ni. Oyún oṣù mẹ́rin ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lábẹ́ ìró rẹ̀, Ìbítáyọ̀ kò sì mọ̀ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Obìnrin náà kò sunkún. Ó sọ pé àwọn ẹbí ọkọ òun ti pe ìpàdé, wọ́n ti ka ìwé kan sétígbọ̀ọ́ gbogbo ilé, orúkọ Ìbítáyọ̀ ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìyá Desmond, tí gbogbo Àkótógbo ń pè ní Iye Aníwúrà, ti ní kí òun dárúkọ ẹni tó ni Goodness, kí òun sì dárúkọ ẹni tó ni èyí tó wà nínú. Bí òun kò bá dárúkọ, ọkọ̀ tí yóò gbé òun padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn òun yóò dé ní ọjọ́ Sátidé.

“Ṣé ẹ̀rọ yín máa ń ṣìṣe, Àǹtí?” ni Susan béèrè.

“Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é.”

“Mi ò mọ ọkùnrin mìíràn.”

Ìbítáyọ̀ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò gbà á gbọ́, Susan sì rí i lójú rẹ̀ pé kò gbà á gbọ́. Ó dìde, ó fi ọwọ́ kan di ikùn mú, ó fi èkejì ṣí ilẹ̀kùn. Ìbítáyọ̀ ń wò ó láti ojú fèrèsé títí tó fi gun ọ̀kadà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òótọ́ ni òun kọ, pé kì í ṣe òun ló ṣe é. Síbẹ̀, nǹkan kan jókòó sí i láyà tí kò dìde.

Sátidé kọjá, ọkọ̀ sì gbé Susan àti ọmọ rẹ̀ lọ sí Igbókòdá. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí ó ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, Ìbítáyọ̀ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó gbé ìwé ìbéèrè sórí ẹsẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń sùn nínú ilé. Ó dé orí ìbéèrè kan tó dà bí èyí tó rọrùn.

Obìnrin méjì ni. Ó ń rẹ àwọn méjèèjì. MCV, ìyẹn bí hóró ẹ̀jẹ̀ pupa kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó, kéré lára àwọn méjèèjì. Ti ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ 68, ti ẹnì kejì jẹ́ 63, bẹ́ẹ̀ sì ni kò yẹ kó dín ní 80. Wọ́n ní kí ó sọ ohun tó ń ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìbítáyọ̀ kọ ọ́ láìronú pé irin ló dín nínú ara àwọn méjèèjì. Èsì tó máa ń kọ lójoojúmọ́ nìyẹn. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, tí hóró rẹ̀ wẹ́wẹ́, irin ni wọ́n máa ń fún un.

Ó ṣí ẹ̀yìn ìwé. Ó gba ti ẹni àkọ́kọ́, ó kùnà ti ẹnì kejì.

Àlàyé tó wà níbẹ̀ kò gùn. Wọ́n ní kí ó má wo ìtóbi hóró nìkan, kí ó wo iye hóró pẹ̀lú. Ara tí irin ti tán nínú rẹ̀ kò rí ohun tí yóò fi mọ hóró, nítorí náà àwọn tó ń mọ kì í pọ̀, wọn kì í sì dọ́gba: àwọn kan ti wà láti ìgbà tí irin ṣì wà, wọ́n tóbi, àwọn tuntun kéré. Ẹ̀rọ máa ń fi àìdọ́gba yìí hàn nínú nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní RDW, yóò sì ga. Ti obìnrin àkọ́kọ́ jẹ́ 19, mílíọ̀nù 3.6 péré sì ni hóró rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé talasímíà lára láìṣàìsàn, irin rẹ̀ pé. Àbùkù wà nínú ogún tó gbà lọ́wọ́ òbí rẹ̀ kan ni, èyí tí kò jẹ́ kí ara lè kún inú hóró dáadáa. Ara rẹ̀ ń mọ hóró wẹ́wẹ́, ó sì ń mọ wọ́n lọ́pọ̀ yanturu, gbogbo wọn kéré bákan náà. Ti obìnrin kejì jẹ́ mílíọ̀nù 5.7, RDW rẹ̀ kò ga rárá, 14 ni. Wọ́n ní kí ó fi iye hóró pín ìtóbi rẹ̀. Bí ó bá lé ní mẹ́tàlá, kí ó kọ́kọ́ fura sí irin. Bí kò bá tó mẹ́tàlá, kí ó fura sí talasímíà, kí ó sì wá ẹ̀rí síwájú sí i, torí ìṣirò yìí kì í ṣe ìdájọ́, àwọn méjèèjì sì lè wà lára ẹnì kan ṣoṣo.

Ìbítáyọ̀ pín in. Ti ẹni àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mọ́kàndínlógún. Ti ẹnì kejì jẹ́ mọ́kànlá.

Ó ti fẹ́ ṣí ojú ewé mìíràn kí ọwọ́ rẹ̀ tó dúró. Ó ti rí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ rí. Ó rí i lórí bébà tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí, obìnrin aboyún kan, ẹlẹ́ja, tí oògùn ẹ̀jẹ̀ kò mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kúrò lójú kan fún odidi oṣù mẹ́fà. Ó pa ìwé náà dé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹnikẹ́ni tó dé, Ìbítáyọ̀ ti wà ní yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Eruku bò ó tán kó tó rí fáìlì Susan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní kíkún nígbà oyún Goodness. Nínú èyí àkọ́kọ́, hóró rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 5.4. Ìtóbi, 62. RDW, 14. Nínú àwọn yòókù, nọ́ńbà wọ̀nyí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìkọ̀wé Ìbítáyọ̀ ló wà nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin: àìtó irin. Dókítà Olúsànyà, tó ni ilé ìwòsàn náà, sì ti fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ irin fún un lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Lẹ́yìn náà ni ó rántí ohun tó burú jù. Àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kàn ń fi irú ẹ̀jẹ̀ tó wà hàn ni, kì í fi iye hàn. Bí ọ̀kan nínú ogún Susan bá ń mú A jáde dáadáa, tí èkejì kò sì mú nǹkan kan jáde, A nìkan ni yóò hàn, wọ́n á sì kọ AA. Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá fún ọmọ ní èyí tí kò mú nǹkan jáde, tí bàbá tó jẹ́ AS sì fún un ní S, S nìkan ni yóò hàn lára ọmọ, wọ́n á sì kọ SS. Bàbá ọmọ náà yóò jẹ́ bàbá rẹ̀ pátápátá. Ìyá rẹ̀ kò ní ṣe ohunkóhun.

Ó fa èsì ẹ̀jẹ̀ Goodness ní kíkún yọ, èyí tí ó ṣe pọ̀ mọ́ jẹ́nótáìpù rẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ SS lásán, hóró rẹ̀ kì í sábàá kéré. Ti Goodness jẹ́ 65, ó kéré ju bó ṣe yẹ kí ti ọmọ ọdún mẹ́ta rí. Nọ́ńbà náà ti wà lójú rẹ̀ láti ọjọ́ náà, kò sì wò ó.

Nígbà tí Dókítà Olúsànyà dé, Ìbítáyọ̀ gbé gbogbo rẹ̀ sí iwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á. Ó sọ pé irú talasímíà tó pọ̀ nílẹ̀ yìí ni èyí tí kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, pé ìyẹn náà ń mú hóró kéré, pé ó lè jẹ́ ìyẹn ló wà lára Susan. Ìbítáyọ̀ ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn kò lè bí ọmọ tó rí bíi Goodness. Dókítà ní kí ó má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni títí ẹ̀rí yóò fi dé, nítorí orúkọ ilé ìwòsàn. Ìbítáyọ̀ ní òun gbọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó gba àyè ìsinmi, ó kó abẹ́rẹ́ àti ìgò olómorí àlùkò tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí sínú báàgì, ó wọ takisí lọ sí Igbókòdá.

Ó bá Susan ní ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀, létí omi, níbi tí wọ́n ti ń sá ẹja. Goodness wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè, ó sì ń mí kíákíá. Ìbítáyọ̀ fọwọ́ kan ìhà òsì ọmọ náà. Ọlọ́ inú rẹ̀, ẹ̀yà ara tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ti wú, ó le bí òkúta lábẹ́ awọ. Susan wo abẹ́rẹ́ tó wà nínú báàgì, kò kí i.

“Ìwé wo lẹ tún fẹ́ kọ?”

“Mo ṣe àṣìṣe sí ọ,” ni Ìbítáyọ̀ wí. “Ó jọ bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ni yóò sọ ọ́.”

Ó ṣàlàyé ohun tó lè ṣàlàyé. Kò mọ bí èyí tó wọ Susan létí ti pọ̀ tó, ṣùgbọ́n obìnrin náà na ọwọ́ jáde níkẹyìn, ó sì yí ojú sí odò nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń sàn. Ìbítáyọ̀ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí àwọn gbé Goodness lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Òun ló gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀ nínú takisí. Gbogbo ọ̀nà ni ooru ara ọmọ náà ń wọ̀ ọ́ lára títí wọ́n fi dé Òkìtìpupa. Wọ́n fún Goodness ní ẹ̀jẹ̀ ìgò kan lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ká ní wọ́n fi ọjọ́ méjì sí i, òun kò mọ ohun tí àwọn ì bá bá.

Àyẹ̀wò méjì ni Ìbítáyọ̀ ń retí. Èkíní ni ti irin tó wà nípamọ́ nínú ara Susan. Èyí ni ó kọ́kọ́ fẹ́ rí, nítorí pé bí irin bá dín lóòótọ́, ó lè bo ẹ̀rí talasímíà mọ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyẹn gbà: irin Susan pé, kò tilẹ̀ sún mọ́ àìtó. Èkejì ni àyẹ̀wò tó ń wọn A2, ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ kékeré kan tó máa ń ga díẹ̀ lára ẹni tó gbé irú talasímíà tí ó ń fura sí. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò sí ní Òkìtìpupa. Ìbàdàn ni wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí, wọ́n sì ní kí ó fún àwọn ní ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá náà kò fẹ́ tán. Ìròyìn ń ti Àkótógbo wá díẹ̀díẹ̀, lẹ́nu àwọn tó wá ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n ní Desmond ti kó ẹrù Susan jáde. Wọ́n ní Iye Aníwúrà ti ń wá ọmọbìnrin mìíràn fún un ní Ọ̀ṣọ́ọ̀rò. Wọ́n ní wọ́n ti ṣe ìwé náà ní ẹ̀dà púpọ̀, ó sì ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin kan tó wá yẹ ìtọ̀ wò tilẹ̀ yìn ín pé ó ṣeun tó fi òótọ́ hàn. Ìbítáyọ̀ ń dì mọ́ etí tábìlì títí obìnrin náà fi jáde.

Èsì wọlé sórí fóònù rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. A2 Susan jẹ́ 5.3. Ti ẹni tí kò ní nǹkan kan kì í ju 3.5 lọ. Ìbítáyọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó gbé e lọ bá Dókítà Olúsànyà, ó sì sọ fún un pé Àkótógbo ni òun ń lọ, yálà ó fọwọ́ sí i tàbí kò fọwọ́ sí i. Dókítà wò ó, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní òun náà ló kọ irin.

Wọ́n bá Desmond níbi ìfúnpo, ìyá rẹ̀ sì jókòó lórí àpótí lábẹ́ páànù. Èéfín àti òórùn epo gbígbóná gba gbogbo ibẹ̀. Dókítà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Ìbítáyọ̀ ní kí ó jẹ́ kí òun sọ ọ́. Ó ní ìwé tí òun kọ kì í ṣe òótọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ Susan gbé ohun kan tí òun ti rí lẹ́ẹ̀mẹ́rin tí òun sì pè ní àìtó irin. Ó mú igi, ó fà á sí ilẹ̀ níwájú wọn: ìlà méjì fún bàbá, ìlà méjì fún ìyá, ọ̀kan nínú ti ìyá ṣẹ́. Ó fi hàn wọ́n bí ọmọ ṣe mú S bàbá àti èyí tó ṣẹ́ ti ìyá.

Iye Aníwúrà ní àwọn onílé ìwòsàn kì í dúró lójú kan, lónìí wọ́n á ní èyí, lọ́la wọ́n á ní tọ̀hún. Ó béèrè bóyá Susan ló rán an.

“Ìyá, ẹnikẹ́ni kò rán mi. Èmi ni mo ba ilé yìí jẹ́.”

Desmond fi ọwọ́ sí àpò àyà, ó mú ìwé náà jáde. Ojú ibi tó ti ká a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ó nà án sí Ìbítáyọ̀, Ìbítáyọ̀ sì gbà á. Ọkùnrin náà ń wo àwọn ìlà tó wà nílẹ̀.

“Èyí tó wà níkùn Susan ńkọ́?” ni ó béèrè.

Ìbítáyọ̀ ti ń bẹ̀rù ìbéèrè yìí láti Òkìtìpupa. Ó ní nínú mẹ́rin, ọ̀kan lè rí bíi Goodness. Ó ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe níbí láti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí i. Desmond fi ẹsẹ̀ pa àwọn ìlà náà rẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì wọ inú ilé lọ. Ẹ̀rọ ìfúnpo ń dún lọ láìsí ẹni tó ń bójú tó o.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Desmond lọ sí Igbókòdá. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó sọ fún Susan létí omi. Ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni pé Susan kò bá a padà lọ́jọ́ náà, kò sì bá a padà títí tó fi bímọ. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn òun ni òun yóò bí i sí, kí ó má baà sí ẹni tí yóò máa wo ojú ọmọ náà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ọkùnrin ló bí ní oṣù Kẹjọ, wọ́n sọ ọ́ ní Dámiláre. Wọn kò lè mọ ipò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dájú lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ìkókó ṣì máa ń bo ti àgbà mọ́lẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi dúró. Ní gbogbo oṣù yẹn, bí ọmọ náà bá ti ké jù, Susan á gbé e wá sí Òkìtìpupa, Ìbítáyọ̀ á sì máa fi ìka tẹ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó wú.

Nígbà tí èsì rẹ̀ dé láti Ìbàdàn, A wà níbẹ̀, S sì wà níbẹ̀, A sì ni ó pọ̀ jù. AS bíi bàbá rẹ̀. Desmond wà nínú yàrá nígbà tí Ìbítáyọ̀ kà á. Ó jókòó sórí àga onígi, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Susan pọn Dámiláre, ó mú Goodness lọ́wọ́. Ó padà sí Àkótógbo ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n yàrá tirẹ̀ ló ń gbé, kò sì tún bá Iye Aníwúrà jẹun pọ̀ mọ́. Goodness ń bẹ. Ó máa ń wá gba ẹ̀jẹ̀, ó sì ti mọ orúkọ gbogbo nọ́ọ̀sì.

Ìbítáyọ̀ yege nínú ìdánwò náà. Kò ṣe àríyá. Láti ìgbà tí ó ti Àkótógbo dé ló ti ń kó ìwé ìforúkọsílẹ̀ láàbù jáde, ọdún kan lẹ́yìn òmíràn, tó ń fi iye hóró pín ìtóbi rẹ̀ fún gbogbo obìnrin àti ọkùnrin tí òun ti kọ àìtó irin sí lórí. Ọ̀pọ̀ ni irin dín lára wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọdún mẹ́fà péré, ó ti rí orúkọ mọ́kànlélógójì tí ìṣirò wọn kò tó mẹ́tàlá. Ó mọ̀ pé ti ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò jẹ́ irú èyí tí kì í ṣe èèyàn ní nǹkan. Kò mọ èwo ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sì mọ iye nínú wọn tó ti fi AA tí òun kọ fẹ́ ẹni tó jẹ́ AS.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní ọ̀sán, nígbà tí iṣẹ́ bá dẹ̀. Nọ́ńbà mìíràn kò lọ mọ́. Àwọn kan wá, wọ́n fún un ní ẹ̀jẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ó pe orúkọ kẹtàdínlógún, obìnrin kan tó ń jẹ́ Morọ́láyọ̀. Ọkùnrin ló gbé e. Ìbítáyọ̀ sọ ẹni tí òun jẹ́, ó ní òun fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ wá tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. Ọkùnrin náà ní kí ni wọ́n ń yẹ̀ wò, pé ilé ìwòsàn náà ló ti sọ fún àwọn pé AA ni ìyàwó òun, pé òun nìkan ni AS, pé nítorí ẹ̀ ni àwọn ṣe fẹ́ra. Ọmọ kan ń ké lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀, igbe gígùn tí kò dáwọ́ dúró. Ìbítáyọ̀ béèrè ohun tó ń ṣe ọmọ náà. Ọkùnrin náà ní ọwọ́ rẹ̀ ló wú láti àná, pé ó lè jẹ́ kòkòrò ló ta á, ó sì pa fóònù.

Ìbítáyọ̀ tún pè é. Fóònù náà ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó dìde, ó ń wá àdírẹ́sì wọn nínú ìwé.